Láti Ìsàmì Dé Kọnfamáṣọ̀n: Ètò Tí Òbí Ní Láti Ṣe fún Ọmọ Nínú Ìjọ Kátólíìkì

Sàkáráméńtì méje ni Ìjọ Kátólíìkì ní, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn ni òbí ní láti múra sílẹ̀ fún kí ọmọ tó gòkè àgbà: ìsàmì, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Kòmúníọ̀n àkọ́kọ́ àti kọnfamáṣọ̀n. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí náà ni ọ̀pọ̀ páríṣì nílẹ̀ Yorùbá ṣe ń tò wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í tètè fura sí ni pé ìwé kan ṣoṣo ló so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ìyẹn ìwé ńlá àkọsílẹ̀ ìsàmì tó wà ní ọ́fíìsì páríṣì tí wọ́n ti sàmì fún ọmọ náà. Ibikíbi tí ọmọ bá wà nígbà tó bá fẹ́ gba èyí tó kù, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn ni wọn yóò béèrè. Nítorí náà, ìsàmì ló gba ètò jù lọ, òun náà sì ni mo máa pẹ́ lé lórí.

Kí ẹ tó gbé ọmọ lọ síbi ìsàmì

Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá bí ọmọ ni kí òbí ti jẹ́ kí wọ́n sàmì fún un, àti pé kí wọ́n lọ bá Fàdá tó ń ṣàkóso páríṣì wọn ní kété tí ọmọ bá délẹ̀, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ lọ kí ìyá tó bímọ pàápàá. Èyí kò dí ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ lọ́wọ́. Ẹ lè sọ ọmọ lórúkọ nílé bí a ti ń ṣe é, kí ẹ sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsàmì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ohun tó máa ń sọ ọ̀sẹ̀ di oṣù, tí oṣù sì ń di ọdún, ni pé òbí ń dúró de owó àríyá tàbí de ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun. Bí ẹ bá lè sàmì fún ọmọ láìsí àríyá, kí ẹ wá ṣe àríyá nígbà tí owó bá dé, kò sí òfin kankan tí ẹ rú.

Páríṣì tí ẹ ń gbé nínú rẹ̀ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe èyí tó lẹ́wà jù tàbí tí kò jìnnà sí gbọ̀ngàn àríyá. Bí ẹ bá ní ìdí tó dára láti ṣe é níbòmíràn, bóyá nítorí pé ìlú yín ni gbogbo ẹbí wà, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Fàdá yín, kí ẹ má baà dé ọ̀hún kí wọ́n dá yín padà. Ohun tí ọ́fíìsì sábà máa ń béèrè ni ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, káàdì ìsàmì ti òbí tó jẹ́ Kátólíìkì, ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì bó bá wà, àti káàdì bàbá tàbí ìyá ìsàmì. Wọn yóò tún yan ọjọ́ tí òbí àti bàbá ìsàmì yóò wá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ katikíìsì tàbí Fàdá. Ẹ má ṣe rán ẹlòmíràn lọ jókòó dípò yín, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ọmọ ọwọ́ kò lè dáhùn fún ara rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ páríṣì ní iye ọrẹ tí wọ́n ń gbà, àwọn mìíràn sì máa ń wo káàdì owó ìjọ bóyá òbí ti san ohun tó yẹ. Kò sóhun tó burú nínú kí ènìyàn ran ìjọ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin Ìjọ kan náà, ní ìpín 848, sọ pé ẹni tó ń fúnni ní sàkáráméńtì kò gbọdọ̀ béèrè ju ọrẹ tí àwọn aláṣẹ ti fi lélẹ̀ lọ, àti pé a kò gbọdọ̀ fi àìní du tálákà ní sàkáráméńtì. Bí ọwọ́ yín bá há, ẹ bá Fàdá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má ṣe bá akọ̀wé ọ́fíìsì jiyàn lórí rẹ̀.

Ní ti òbí tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ wọn ń sá fún Fàdá nítorí wọ́n rò pé wọn kò ní sàmì fún ọmọ wọn. Ohun méjì ni òfin béèrè: kí ọ̀kan nínú òbí, ó kéré tán, gbà pé kí wọ́n sàmì fún ọmọ, kí ìrètí tó fìdí múlẹ̀ sì wà pé wọn yóò tọ́ ọmọ náà nínú ẹ̀sìn Kátólíìkì. Bí ìrètí yìí kò bá sí rárá, Fàdá lè sún ìsàmì síwájú, kò sì ní ṣàì sọ ìdí rẹ̀ fún òbí. Fàdá lè lo àǹfààní yìí láti bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó yín, ẹ má bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ òbí kọ́ ni wọ́n fẹ́ wẹ̀ nù lára ọmọ náà.

Ìdí tí òfin fi sọ pé òbí kan tó ni a rí kedere nílé tí bàbá ti jẹ́ Mùsùlùmí tí ìyá sì jẹ́ Kátólíìkì, irú èyí tó pọ̀ láàárín wa. Bí ìyá bá gba ìyọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì kó tó fẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ti ṣèlérí nígbà náà pé òun yóò sa gbogbo ipá òun kí wọ́n lè sàmì fún àwọn ọmọ, wọ́n sì ti jẹ́ kí ọkọ mọ̀ nípa ìlérí yìí. Ó dára kí tọkọtaya ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, kí ìyá ọkọ tó wá gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọ aṣọ funfun.

Ẹni tí ẹ ó mú ṣe bàbá tàbí ìyá ìsàmì

Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, nítorí pé a sábà máa ń fi ipò náà yẹ́ ẹni ńlá sí: ọ̀gá ibi iṣẹ́, àbúrò tó ṣe wá lóore, tàbí ẹni tí a mọ̀ pé yóò náwó. Ìpín 874 nínú òfin náà sọ ẹni tó lè ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù lè dá ọjọ́ orí mìíràn sílẹ̀; ó gbọ́dọ̀ jẹ́ Kátólíìkì tó ti gba Kòmúníọ̀n àti kọnfamáṣọ̀n, tó sì ń gbé ìgbé ayé tó bá ìgbàgbọ́ mu; kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbá tàbí ìyá tó bí ọmọ náà. Ẹnì kan ṣoṣo tó, ọkùnrin tàbí obìnrin. Bí ẹ bá fẹ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni, kì í ṣe ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì.

Bí àbúrò yín tí ẹ fẹ́ràn bá jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà tàbí Onítẹ̀bọmi tó ti ṣèrìbọmi, kò lè ṣe bàbá ìsàmì, ṣùgbọ́n ó lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan tó jẹ́ bàbá ìsàmì. Wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tètè sọ èyí fún un, kó má baà jẹ́ pé iwájú pẹpẹ ni wọ́n ti máa sọ fún un pé kó sún sẹ́yìn. Káàdì rẹ̀ ni kí ẹ sì kọ́kọ́ rí kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́. Àìmọye àgbàlagbà ló ń gba Kòmúníọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ṣe kọnfamáṣọ̀n rí, àwọn fúnra wọn sì ti gbàgbé.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ rò ni pé òfin fẹ́ kí ẹni yìí kan náà dúró ti ọmọ lọ́jọ́ kọnfamáṣọ̀n, bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí yóò wà ní àrọ́wọ́tó ní ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá sí i ni kí ẹ wá, tó lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ó lọ sí Mísà lọ́jọ́ Àìkú.

Orúkọ, àti ọjọ́ ìsàmì fúnra rẹ̀

Òfin kò sọ pé dandan ni kí ọmọ jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́. Ohun tó sọ ni pé kí orúkọ náà má ṣe tako ẹ̀mí ìgbàgbọ́ Krístì. Olúwaṣeun tàbí Ifẹ́olúwa kò ní ìṣòro kankan. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ páríṣì ń retí kí ẹ fi orúkọ ẹni mímọ́ kan kún un, àṣà tó dára ni. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ni kó wà nínú ìwé ìsàmì, létòlétò bó ṣe wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ Mary Mọ́rẹ̀nikẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìwé ìbí sì jẹ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́ Àṣàkẹ́, lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń béèrè ìwé-ẹ̀rí ìsàmì nígbà tí ọmọ bá pọ̀ ju àyè lọ, ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé ìbúra kiri.

Lọ́jọ́ náà, aṣọ funfun àti àbẹ́là ni ẹ máa mú lọ. Fàdá tàbí díákónì yóò fi àmì àgbélébùú sí ọmọ níwájú orí, ẹ̀yin àti bàbá ìsàmì yóò ṣe bákan náà. Ẹ máa kọ Sátánì sílẹ̀, ẹ máa jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò da omi sí ọmọ lórí lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò fi òróró mímọ́ kùn ún ní àtàrí, wọn yóò sì tan àbẹ́là yín láti ara àbẹ́là Àjíǹde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bí omi ṣe ń dà kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe: lọ́dún 2020, Róòmù sọ pé ìsàmì tí ẹni tó ń ṣe é bá ti sọ pé «àwa» dípò «èmi» kò fìdí múlẹ̀ rárá, a sì ní láti tún un ṣe.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba káàdì ìsàmì, kí ẹ sì kà á lójú akọ̀wé. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ibi tí wọ́n bí i sí, orúkọ òbí, orúkọ bàbá tàbí ìyá ìsàmì, orúkọ ẹni tó sàmì, ọjọ́ ìsàmì àti orúkọ páríṣì gbọ́dọ̀ pé. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí káàdì, tó tọ́ka sí ìwé ńlá àti ìlà tí orúkọ ọmọ wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ọmọ bá wà nínú ewu ikú, bíi ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tó wà nínú ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ móoru nílé ìwòsàn, ẹ má dúró de Fàdá. Ẹnikẹ́ni, títí kan nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe Kátólíìkì, lè sàmì fún un, bó bá ṣáà ní i lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Yóò da omi sí ọmọ lórí bó ṣe ń sọ pé: «Mo ṣe ìrìbọmi fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.» Omi gbọ́dọ̀ ṣàn lára; àmì tútù lásán kò tó. Bí ọmọ bá yè, ẹ má tún un ṣe. Ẹ lọ sọ fún Fàdá, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì ṣe ìyókù ètò náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ọmọ bá ti kọjá ọdún méje láìṣe ìsàmì

Ojú ọ̀nà yí padà níbí. Lójú òfin, ọmọ tó ti pé ọdún méje tó sì ní òye kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́; òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun fẹ́, yóò sì kọ́ ẹ̀kọ́ kó tó ṣèrìbọmi bí àgbàlagbà ti ń ṣe. Àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe é lálẹ́ Àìsùn Àjíǹde, Fàdá tó sàmì fún wọn sì lè fún wọn ní kọnfamáṣọ̀n àti Kòmúníọ̀n lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹ má gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ síbi ìsàmì àwọn ọmọ ọwọ́ láìsọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì nígbà tí ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ ṣì jìnnà.

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti Kòmúníọ̀n àkọ́kọ́

Láti ọdún 1910, nígbà tí Póòpù Píúsì Kẹwàá sọ pé kí ọmọ tó bá ti ní òye máa gba Kòmúníọ̀n, nǹkan bí ọdún méje ni ọjọ́ orí tí Ìjọ ń wò. Nínú páríṣì wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló wọ́pọ̀, nítorí pé kíláàsì katikísímù máa ń gba oṣù púpọ̀, àyẹ̀wò lọ́dọ̀ Fàdá sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà káàdì ìsàmì lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ká ní ọmọbìnrin kan tí à ń pè ní Mọ́rẹ̀nikẹ́ ṣe ìsàmì ní páríṣì kan ní Ìbàdàn, tí òbí rẹ̀ kó lọ sí Abẹ́òkúta nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, katikíìsì ní Abẹ́òkúta béèrè káàdì, káàdì sì ti sọnù sínú ẹrù. Bàbá rẹ̀ kò ní láti bẹ Fàdá Abẹ́òkúta pé kó ṣáà gbà á gbọ́. Páríṣì tó wà ní Ìbàdàn ni yóò lọ, pẹ̀lú orúkọ ọmọ bó ṣe wà nígbà náà àti oṣù tí wọ́n sàmì fún un, akọ̀wé yóò sì ṣí ìwé ńlá, yóò kọ ẹ̀dà tuntun, Fàdá yóò fọwọ́ sí i, yóò sì lu òǹtẹ̀. Bí wọn kò bá rí i nínú ìwé ńlá, tí kò sì sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, òfin gbà kí ẹlẹ́rìí kan tó ṣeé gbára lé, bíi ìyá ìsàmì tó gbé ọmọ náà dání, jẹ́rìí sí i. A kì í tún ìsàmì ṣe nítorí pé ìwé sọnù. Bí iyèméjì gidi bá wà lẹ́yìn tí a ti wádìí dáadáa, Fàdá lè sàmì fún un pẹ̀lú gbólóhùn pé «bí o kò bá tíì ṣèrìbọmi».

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú Kòmúníọ̀n. Iṣẹ́ yín nílé ni kí ọmọ mọ Baba wa, Mo kí ọ Màríà, Mo gba Ọlọ́run gbọ́, àti àdúrà ìrònúpìwàdà, kí ó sì mọ bí a ṣe ń wo ọkàn ẹni. Ẹ má bá a to ẹ̀ṣẹ̀ sórí ìwé, ẹ má sì bi í léèrè ohun tó sọ nígbà tó bá jáde. Ọmọ tó bá rí i pé ìyá òun ń wádìí yóò fi ìdajì pa mọ́ fún Fàdá nígbà mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ti ṣe tán, ẹ má wo bó ṣe ń ka ìdáhùn katikísímù lórí. Ẹ bi í ní ohun tó yàtọ̀ láàárín búrẹ́dì tí a jẹ láàárọ̀ àti ohun tí Fàdá ń fúnni ní Mísà. Bó bá dáhùn ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pé Jésù ni, ó ti mọ ohun tí òfin béèrè jù. Mo ti gbọ́ ọmọ tó ka ìbéèrè mẹ́wàá láìṣì ẹyọ kan, tó sì sọ fún Fàdá pé bísíkíìtì ni. Wọ́n dá a padà sí kíláàsì, ó sì tọ́.

Kí ọmọ má jẹ nǹkan kan ní wákàtí kan ṣáájú kó tó gba Kòmúníọ̀n; omi àti oògùn kò ṣèdíwọ́. Ẹ ṣọ́ra nípa oúnjẹ tí ìyá àgbà máa ń fún ọmọ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Aṣọ funfun tó mọ́ tó. Kò sí dandan nínú aṣọ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò gbọdọ̀ pàdánù ọjọ́ rẹ̀ nítorí pé bùbá kò tíì ti ọ̀dọ̀ télọ̀ dé. Ní ìparí, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ Kòmúníọ̀n sórí káàdì ìsàmì.

Bí ọmọ tó ti ní òye bá ṣàìsàn líle, ẹ pe Fàdá fún òróró àwọn aláìsàn. Fàdá kan náà lè fún un ní kọnfamáṣọ̀n bí ikú bá ń halẹ̀, kódà bí ọmọ náà kéré gan-an.

Kọnfamáṣọ̀n

Bíṣọ́ọ̀bù ló sábà ń ṣe èyí, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa mú ọjọ́. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù yóò bẹ páríṣì wò, kí ẹ sì ka oṣù kíláàsì sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ọmọ tó bá pàdánù ìbẹ̀wò kan lè dúró pẹ́, tàbí kó lọ gbà á ní páríṣì mìíràn pẹ̀lú ìwé láti ọ̀dọ̀ Fàdá rẹ̀.

Ẹ mú káàdì tó ní ọjọ́ ìsàmì àti ti Kòmúníọ̀n lórí lọ. Bí bàbá ìsàmì ti Mọ́rẹ̀nikẹ́ bá ti rìnrìn àjò, wọ́n lè yan ẹlòmíràn, lábẹ́ òfin ìpín 874 kan náà. Ọ̀pọ̀ páríṣì fẹ́ kí obìnrin dúró ti obìnrin, kí ọkùnrin sì dúró ti ọkùnrin. Àṣà ibẹ̀ ni, ẹ béèrè. Orúkọ kọnfamáṣọ̀n pẹ̀lú jẹ́ àṣà, orúkọ ìsàmì tó. Lọ́jọ́ náà, onígbọ̀wọ́ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọmọ léjìká, Bíṣọ́ọ̀bù yóò sì fi òróró mímọ́ ṣe àmì sí i níwájú orí.

Ohun tó kù fún òbí lẹ́yìn náà ni ohun tí kì í sí ẹni tó ń rántí. Páríṣì Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí páríṣì Ìbàdàn, kí wọ́n lè kọ kọnfamáṣọ̀n náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Mọ́rẹ̀nikẹ́ nínú ìwé ńlá. Nígbà mìíràn lẹ́tà kì í lọ. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó, wọn yóò béèrè ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ìsàmì tuntun tí kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ, èyí tó ń fi hàn pé ó ti ṣe kọnfamáṣọ̀n, tí kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, ẹ mú ẹ̀dà káàdì kọnfamáṣọ̀n lọ sí Ìbàdàn, kí ẹ ní kí akọ̀wé ṣí ìlà náà níwájú yín, bí àyè rẹ̀ bá sì ṣófo, kó kọ ọ́ níbẹ̀.